Ìjàǹbá kan, ìwé mẹ́ta: báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ tí wọn ò fi ní tako ara wọn?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ (Ọjọ́bọ̀, alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni mò ń tọ́jú ilé ìkójàsí kájù kan níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ òní, mo sì ní láti kọ ọ́ fún ẹni mẹ́ta: asíráǹsì tó dáàbò bo ọjà, ọ̀gá wa tó wà ní Pàràkú, àti ìjọba, ìyẹn CNSS tó ń tọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú alábẹ̀wò iṣẹ́.

Bó ṣe lọ rèé. Ìjì jà lóru mọ́jú òní, páànù kan sì ṣí ní igun àríwá. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ní aago 6:30, omi ti dárogún sí igun yẹn, àwọn àpò ìsàlẹ̀ sì ti rin gbingbin. Mo ní kí àwọn ọmọ tó ń rẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpò kúrò lókè. Nígbà tó di 7:40, òkìtì náà yẹ̀, ó wó lu ọ̀kan nínú wọn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì kán lábẹ́ orúnkún. Ó wà nílé ìwòsàn báyìí. Òkìtì náà ga tó àpò 14, bẹ́ẹ̀ ìwé tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri sọ pé a ò gbọdọ̀ kọjá 10. Àpò 22 ló rin, 6 ló ya.

Ọ̀gá ti fi ohùn ránṣẹ́ pé kí n kọ ọ́ pé ìjì ló fa gbogbo rẹ̀, kí n má dárúkọ gíga òkìtì rárá. Ẹni tó ta asíráǹsì fún wa náà ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí alábẹ̀wò iṣẹ́ máa bi mí ni bí òkìtì ṣe ga tó. Ṣé ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ kan lọ́nà mẹ́ta láìpurọ́ fún ẹnì kankan?

Baba Tọ́lá, Kétu

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fún ọmọ yẹn ní àlàáfíà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wákàtí 48 péré lẹ ní fún gbogbo ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tó bá ti kọjá, asíráǹsì ò ní san nǹkan kan. Ẹ má sì kọ ohunkóhun tó máa jọ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, torí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbà pé òkìtì ga jù, ẹ ti fọwọ́ ara yín ba kọ̀ǹtíráà jẹ́ nìyẹn. Ìjì ni kẹ́ ẹ kọ. Ìjì kì í wá sẹ́jọ́.

Ìyá Alágbàdo

Èmi náà nírú ọ̀rọ̀ yìí o. Ọlọ́kadà kan kọlù mí lójú ọ̀nà Kétu, àgbàdo mi fọ́n sílẹ̀ gbogbo. Ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan tí àwa méjèèjì jọ kọ, mi ò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ̀yin náà ti fọwọ́ sí ti yín?

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Ìyá wa, tiyín yàtọ̀ sí èyí. Ìwé tí àwọn méjì tó kọlura jọ ń kọ lójú ọ̀nà nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ sí i àfi tí àwòrán tí wọ́n yà síbẹ̀ bá bá ohun tẹ́ ẹ rí mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ tiyín lọ́tọ̀ ká lè dá yín lóhùn níbẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ọ́fíìsì alágbàtà asíráǹsì ní Àjàṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìwé ìjàǹbá sì ni iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ Baba Tọ́lá ṣe díẹ̀, torí ìdajì rẹ̀ tọ́.

Wákàtí 48 ni ti CNSS àti alábẹ̀wò iṣẹ́. Ọ̀gá ló ni ojúṣe yẹn, kì í ṣe ẹni tó fara pa. Ti asíráǹsì yàtọ̀: òfin CIMA tí gbogbo asíráǹsì wa ń tẹ̀ lé sọ pé àkókò tí kọ̀ǹtíráà fúnni ò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 5. Olè jíjà àti ẹran ọ̀sìn tó kú nìkan ni wọ́n lè mú wá sí wákàtí 48. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti olè jíjà ni Baba Tọ́lá rántí. Nítorí náà, ti ìjọba ló ń jó yín nídìí, torí aago 7:40 àárọ̀ Àbámẹ́ta ni 48 yín máa pé. Ẹ fi ṣiṣẹ́ lọ́la Ẹtì, ẹ má dúró dé Àbámẹ́ta. Ti asíráǹsì lè dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń ní kí wọ́n fi fóònù sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ńkọ́? Òfin kan náà gbà kí asíráǹsì kọ ọ́ sínú kọ̀ǹtíráà pé tẹ́ ẹ bá gba ẹ̀bi tàbí tẹ́ ẹ bá dá àdéhùn lẹ́yìn òun, kò kan òun. Ṣùgbọ́n òfin náà sọ ọ́ kedere pé kéèyàn jẹ́wọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ kì í ṣe kó gba ẹ̀bi rẹ̀. «Òkìtì náà ga tó àpò 14» jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. «Èmi ni mo jẹ̀bi torí mo jẹ́ kí wọ́n tò ó ga» jẹ́ ìdájọ́, kò sì sí níbi kankan nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ ti nílò gbólóhùn kejì yìí. Èyí tí ọ̀gá yín ní kẹ́ ẹ fi pamọ́ ni gbólóhùn àkọ́kọ́, òun gan-an lẹ ò sì gbọdọ̀ fi pamọ́.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìwé wo ni mo máa kọ́kọ́ kọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Kò sí èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ kọ nínú wọn. Ìwé kẹrin lẹ máa kọ́kọ́ kọ, èyí tí kò lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ pè é ní ìwé ìpìlẹ̀. Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ to ohun tó ṣẹlẹ̀ bí aago ṣe ń lọ, kẹ́ ẹ sì kọ bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan: mo rí i, wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo wọ̀n ọ́n, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ lókè. Ẹ ní «ìjì jà, páànù kan sì ṣí». Ẹ̀yin ò sí níbẹ̀ lóru. Ohun tẹ́ ẹ rí ni páànù tó ti ṣí ní aago 6:30. Ta ló wà níbẹ̀ lóru?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ọdẹ wà níbẹ̀. Ó ní ní nǹkan bí aago 2 lòun gbọ́ tí páànù ń lù gbàgà gbàgà, àmọ́ kò lè jáde torí òjò. Páànù ilé aládùúgbò wa méjì náà ṣí.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: «Ọdẹ sọ fún mi pé ní nǹkan bí aago 2 lòun gbọ́ ariwo páànù. Ní 6:30 mo rí páànù kan tó ti ṣí ní igun àríwá. Ilé aládùúgbò méjì náà pàdánù páànù.» Ẹ ya fótò òrùlé àwọn aládùúgbò yẹn lọ́la kí wọ́n tó kàn án padà. Tí aṣàyẹ̀wò tí asíráǹsì rán bá dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òrùlé yín nìkan ni yóò rí, yóò sì bi yín pé ṣé kì í ṣe páànù tó ti gbó tẹ́lẹ̀ ni. Òrùlé mẹ́ta tó ṣí lóru kan náà ló máa dá a lóhùn.

Èkejì ni iye àpò. Ẹ ní 22 rin, 6 ya. Ṣé àwọn 6 yẹn wà lára 22 ni, àbí wọ́n dá dúró?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kà á pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Méjì nínú àwọn tó ya ló rin. Mẹ́rin yòókù gbẹ, wọ́n kàn ya nígbà tí wọ́n já bọ́ ni.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Ẹ rí i? Àpò 26 ni nǹkan ṣe, kì í ṣe 28. Ní kílò 80 fún àpò kan, kílò 2080 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ 28 fún asíráǹsì, tí ọ̀gá sì kọ 26 sínú ìwé ọjà, ìyàtọ̀ méjì yẹn ti tó kí wọ́n fi fura sí gbogbo ìwé yín. Ohun kan tún wà níbẹ̀. Omi ló ba 22 jẹ́. Wíwó òkìtì ló ya 4 tó gbẹ. Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹtíráà yín san ti ìjì àti omi, kó má sì san ti àpò tó ya nígbà tí wọ́n ń kó o. Ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ẹ kọ wọ́n sí ìlà méjì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí asíráǹsì sọ èyí tó máa san.

Ẹ wá wo bí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe máa jáde látinú ìpìlẹ̀ yẹn. Ohun kan náà ló wà nínú wọn. Ohun tó ṣíwájú àti ohun tó gbàyè ló yàtọ̀.

Ti asíráǹsì: «Lóru Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀, páànù kan ṣí ní igun àríwá ilé ìkójàsí. Ní 6:30 mo rí omi nílẹ̀ níbẹ̀. Àpò 22 ló rin. Nígbà tí a ń kó àpò kúrò kí omi má baà dé àwọn yòókù, òkìtì kan tó ga tó àpò 14 wó ní 7:40. Àpò 4 tó gbẹ àti 2 tó ti rin ya. Òṣìṣẹ́ kan fara pa, a ti kéde èyí fún CNSS. A ti fi tapolín bo ibi tó ṣí, a kó àpò tó rin sọ́tọ̀, a ò sì da ìkankan nù.» Ọjà àti bó ṣe bàjẹ́ ló gbàyè jù níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ti òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, 14 náà sì wà níbẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì tapolín, torí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe kí ìbàjẹ́ má baà pọ̀ sí i nìyẹn.

Ti ìjọba: ènìyàn ló ṣíwájú. Orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹni tó rán an níṣẹ́ àti ohun tó sọ, ibi tó dúró sí, òkìtì tó ga tó àpò 14, ohun tí ìwé ara ògiri sọ nípa 10, pálẹ́ẹ̀tì tó wà tàbí tí kò sí lábẹ́ rẹ̀, ibi tó ti fara pa, aago, àwọn ẹlẹ́rìí méjì. Ìjì àti páànù á wọlé ní ìlà kan péré, torí ó ṣàlàyé ìdí tí ìsàlẹ̀ òkìtì fi rọ̀. Iye owó kájù ò kàn wọ́n níbẹ̀.

Ti ọ̀gá: ẹ kọ gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe kún un. Ẹ fi ìlà pààlà sáàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ àti èrò yín.

Baba Tọ́lá, Kétu

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ti ọjọ́ iṣẹ́ 5 yẹn, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi máa kọ 14 fún asíráǹsì tí kò bi wá? Kò kúkú sí àyè rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù wọn.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Torí pé àpò 4 kan ya nígbà tí òkìtì wó, ẹ sì ń béèrè owó wọn, tàbí ó kéré tán ẹ ń ka àwọn náà. Tí ẹ kò bá béèrè ohunkóhun tó wá láti ara wíwó yẹn, mi ò ní bá yín jiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé tí ọ̀ràn bá di ẹjọ́, asíráǹsì lè rí ìwé tó lọ sọ́dọ̀ alábẹ̀wò iṣẹ́. Tí 14 bá wà nínú ìyẹn, tí kò sí nínú tiyín, wọn ò ní sọ pé ẹ gbàgbé o.

Nọ́ọ̀sì Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ilé ìwòsàn kan ní agbègbè yín ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ìwé ẹ̀rí dókítà àkọ́kọ́ tó jáde, ẹ ní kí dókítà wo gbogbo ara ọmọ náà. Ìpalára àpò 80 kílò lè má mọ sórí ẹsẹ̀ nìkan. Àpò tó wó luni lè dun ìdí tàbí ẹ̀yìn, kó má tíì fara hàn lónìí. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn máa ń ṣòro láti fi kún un fún CNSS lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Mo ti rí ẹni tó wọlé torí ìka kan tó fara pa, tí èjìká rẹ̀ wá ń dùn ún lẹ́yìn náà, wọ́n ní èjìká kò sí nínú ìwé.

Aago náà ṣe pàtàkì. Ìwé wa máa ń kọ aago tí aláìsàn wọlé. Tẹ́ ẹ bá kọ 7:40 fún ìjàǹbá, tí ìwé wa sì kọ 8:25, ó bára mu dáadáa torí ọ̀nà wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀gá yín bá kọ «aago 7» sí tirẹ̀, wọ́n á bi í pé níbo ni ọmọ yẹn wà fún wákàtí kan àti ààbọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ṣé gan-an, nọ́ọ̀sì. Mo rí 7:40 lórí fóònù mi, torí ìgbà náà ni mo pe ọlọ́kadà tó gbé e. Màá ya fótò ojú fóònù náà.

Oníbéékàrì Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo gba ènìyàn síṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìwé tí mo fẹ́ rí lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ iṣẹ́ mi kì í ṣe èyí tó ń gbè mí. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo máa san àti ohun tí mo máa tún ṣe kó tó tún ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ tèmi ni, mo fẹ́ kà á pé: «Kò sí pálẹ́ẹ̀tì lábẹ́ òkìtì igun àríwá. Àpò wà lórí ilẹ̀ ní tààràtà. Ìdí tí a fi tò ó dé 14 ni pé ọjà tó dé ní ọ̀sẹ̀ yìí ju àyè tó wà lọ.» Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni yóò jẹ́ kí ọ̀gá ra pálẹ́ẹ̀tì tàbí kó gba ilé kejì.

Ṣùgbọ́n ta ló ní kẹ́ ẹ tò ó kọjá 10?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni, lórí fóònù ní Ọjọ́ Ajé. Ó ní ọkọ̀ ti ń bọ̀, kí a «fún un mọ́ra». Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Oníbéékàrì Àjàṣẹ́

Hàà. Bí èmi bá jẹ́ ọ̀gá yẹn, mi ò ní fẹ́ kó wà nínú ìwé kankan. Ẹ fi èyí sílẹ̀.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Mi ò gbà, ẹ̀gbọ́n. Kó wà nínú ìwé ìpìlẹ̀ bó ṣe rí gan-an: «Ní Ọjọ́ Ajé, lórí fóònù, ọ̀gá sọ pé kí a fún un mọ́ra.» Kò sí «ó fipá mú mi», kò sí «ó mọ̀ pé ó léwu». Tí alábẹ̀wò iṣẹ́ bá bi Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ pé ta ló pàṣẹ, ohun tó máa fi dáhùn nìyẹn. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin ni orúkọ yín wà lórí ìwé ìtọ́jú ọjà. Tí ìdí tí 14 fi wà kò bá sí níbikíbi, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n á yíjú sí.

Oníbéékàrì Àjàṣẹ́

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná. Kéèyàn lọ kọ ọ́ fún ìjọba kí ọ̀gá tó mọ̀, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Lórí ìyẹn, a jọ gbà. Kó fi ìwé ìpìlẹ̀ han ọ̀gá lálẹ́ òní kó tó fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ló máa fọwọ́ sí ìwé CNSS, kò sì yẹ kó fọwọ́ sí ohun tí kò kà. Tó bá kọ̀ láti kéde rẹ̀, ọmọ náà tàbí ẹbí rẹ̀ lè kéde fúnra wọn títí di ọdún 2. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá mọ èyí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ó máa ń yí ọkàn padà.

Baba Tọ́lá, Kétu

Ẹ̀yin ará, ògiri yẹn ńkọ́? Ilé ìkójàsí tó ní igun tó ń jò lẹ́ẹ̀kan, ó sábà máa ń ní ìlà omi àtijọ́.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ó ní in, bàbá. Ìlà kan wà lára ògiri náà láti ọdún tó kọjá, ó sì wà nínú fótò tí mo yà lónìí.

Baba Tọ́lá, Kétu

Ẹ má fi fótò yẹn ránṣẹ́. Ẹ ya òmíràn.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Aṣàyẹ̀wò máa fojú ara rẹ̀ rí i, bàbá. Tó bá rí ìlà tí kò sí nínú fótò yín, ó máa sọ pé omi ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹtíráà kì í san. Ohun tẹ́ ẹ máa fi hàn án ni pé omi tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́: páànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya, ihò ìṣó tó ń dán, àpò tó rin láti òkè wá sílẹ̀ tàbí láti ilẹ̀ lọ sókè. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Ibo ni omi ti bẹ̀rẹ̀ lára àpò?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Láti ilẹ̀ lọ sókè ni, ẹ̀gbọ́n. Àwọn méjì tó wà lókè lábẹ́ páànù tó ṣí náà rin lójú.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Ẹ kọ méjèèjì bẹ́ẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí pé wọ́n máa san gbogbo 22. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á jiyàn lórí ti ilẹ̀. Ẹ má fún wọn ní ìdí tí wọ́n á fi jiyàn lórí méjì tó wà lókè náà.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ (Ẹtì, àárọ̀)

Mo ti ka ìwé ìpìlẹ̀ fún ọ̀gá lórí fóònù lóru àná. Inú rẹ̀ ò dùn, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun máa fọwọ́ sí ti CNSS, òun á rán an wá ní ọ̀sán. Ó ní kí n yọ ọ̀rọ̀ «fún un mọ́ra» kúrò. Mo ní mi ò lè yọ ọ́ nínú tèmi, àmọ́ fọ́ọ̀mù CNSS fúnra rẹ̀ ò béèrè rẹ̀, nítorí náà kò sí níbẹ̀. A fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀ títí alábẹ̀wò iṣẹ́ á fi dé.

Ohun kan ló kù. Iṣẹ́ òòjọ́ ni ọmọ yẹn ń ṣe, kò ní nọ́ńbà CNSS. Kí ni mo máa kọ sí àyè yẹn?

Oníbéékàrì Àjàṣẹ́

Tèmi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún un ná kí n tó kéde ìjàǹbá.

Nọ́ọ̀sì Kékeré

Ẹ má dúró de ìyẹn o, 48 ń lọ.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Ẹ má kọ nọ́ńbà ẹlòmíràn síbẹ̀, ẹ má sì sọ pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ «kò tíì ní nọ́ńbà», ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, àti bẹ́ ẹ ṣe ń san owó rẹ̀. Ẹ kéde ìjàǹbá náà lónìí, kí ọ̀gá sì lọ bá CNSS lórí ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ lọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe máa gbà á ni kí ọ́fíìsì ẹkùn yín sọ fún yín. Ẹ mú ẹlẹ́rìí kan dání tí ẹ bá ń lọ.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Mo ti ń múra lọ. Ẹlẹ́rìí ti ń bọ̀ ní aago 9.